Ara Irin Ni Kí Á Kọ́kọ́ Wò

Láàárín àwa tí a ń fi èdè Yorùbá ṣiṣẹ́ ṣe, àríyànjiyàn kan ti wà nílẹ̀ tipẹ́ tí a kò tíì yanjú, nítorí pé a kò gbé e ka ibi tí ó yẹ kí á gbé e kà. Àríyànjiyàn náà dá lórí ohun tí ó yẹ kí ògbufọ̀ ṣe nígbà tí ó bá pàdé ìkékúrú bíi RPM tàbí PLC nínú ìwé tí ń ṣàlàyé bí a ṣe ń lo ẹ̀rọ. Àwọn kan ní kí a fi í sílẹ̀ bí ó ti wà, kí a má fọwọ́ kàn án, wọ́n ní ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ kì í ṣe ọ̀rọ̀ ilé baba wa. Àwọn kejì a sì fàáké kọ́rí pé lẹ́tà àjèjì kan kò gbọdọ̀ jókòó sínú gbólóhùn Yorùbá; wọ́n ní C kò tilẹ̀ sí nínú álífábẹ́ẹ̀tì wa, nítorí náà kí a túmọ̀ gbogbo rẹ̀, kí a sì fi lẹ́tà tiwa ké e kúrú. Èrò tèmi ni pé ìhà méjèèjì ló ṣìnà, ohun kan náà ló sì ṣì wọ́n lọ́nà. Ìwé ni wọ́n ń wò. Wọn kò wo ẹ̀rọ.

Àwọn àgbà ní ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Ilé tí a bí ìkékúrú sí kì í ṣe ojú ewé. Ara irin ni: àwo pẹlẹbẹ tí wọ́n kàn mọ́ ẹ́ńjìnnì, ojú gíláàsì tí iná ń tàn nínú rẹ̀, ìlẹ̀kùn àpótí tí wáyà wà. Ẹni tí ń ka ìwé ìlò ẹ̀rọ kì í kà á bí ẹni tí ń ka ìtàn àròsọ. Ojú rẹ̀ a wà lórí ìwé, a sì tún wà lára irin, a máa lọ, a máa bọ̀. Iṣẹ́ tí ìkékúrú ń ṣe fún un ni pé ó so ohun tí ó kà pọ̀ mọ́ ohun tí ó rí. Nítorí náà, ìbéèrè àkọ́kọ́ tí ó yẹ kí ògbufọ̀ bi ara rẹ̀ ni èyí: ǹjẹ́ ojú ẹni tí mo ń kọ̀wé fún yóò bá àwọn lẹ́tà wọ̀nyí pàdé níbòmíràn lẹ́yìn ojú ewé mi? Bí ìdáhùn bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, kò ní ẹ̀tọ́ láti pa wọ́n rẹ́. Bí ó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ kọ́, kò sí ìdí tí ó fi yẹ kí ó tọ́jú wọn.

N óò fi ọ̀rọ̀ ẹ̀gẹ́ ṣàlàyé. Ní Ara, ní agbègbè Ẹdẹ, ìlú tí mo ti mọ àwọn tí ń ṣe gaàrí dáadáa, ẹ́ńjìnnì ló ń yí ẹ̀rọ tí ń lọ ẹ̀gẹ́. Àwọn kan gbé ìwé pélébé kan wá fún mi pé kí n bá wọn yẹ̀ ẹ́ wò. Èdè Yorùbá ni wọ́n fi kọ ọ́ fún àwọn tó ni irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀. Yorùbá inú rẹ̀ mọ́ tónítóní. Ní ojú ewé àkọ́kọ́, ògbufọ̀ náà túmọ̀ RPM sí ‘ìyípo ní ìṣẹ́jú kan’, ìtumọ̀ tí kò ní àbùkù rárá. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn èyí ni ó mú lẹ́tà àkọ́kọ́ inú ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, tí ó sọ ọ́ di ÌNÌK, tí ó sì ń kọ ÌNÌK láti ibẹ̀ dé òpin ìwé. RPM kò tún yọjú mọ́. Mo mú ìwé náà lọ sí ibi tí wọ́n ti ń lọ ẹ̀gẹ́. Ìyá tó ni ẹ̀rọ mọ̀wé kà, ó ka ojú ewé méjì, ó yí ẹ́ńjìnnì po, ó sì bi mí pé, “Ọ̀mọ̀wé, ẹ dákun, níbo ni ÌNÌK yìí wà lára rẹ̀?” Kò sí níbì kankan. RPM ni wọ́n fín sára àwo irin náà.

Ẹni tó bá rò pé ọ̀rọ̀ kékeré lèyí, kí ó bá mi ṣírò díẹ̀. Ẹ́ńjìnnì Lísítà àtijọ́ tí ọ̀pọ̀ wa mọ̀, èyí tí agbára rẹ̀ jẹ́ ti ẹṣin 6, ìyípo 650 ní ìṣẹ́jú kan ni wọ́n ṣe é fún. Puli kan wà lára ẹ́ńjìnnì, òmíràn wà lára ròlà onípáànù tí ń lọ ẹ̀gẹ́, bẹ́líìtì ló sì so wọ́n pọ̀. Òfin tó de méjèèjì rọrùn: bí a bá fi ìyípo ẹ́ńjìnnì sọ ìbú puli rẹ̀ di púpọ̀, iye tí a ó rí gbọ́dọ̀ bá ti ìhà ròlà dọ́gba. Ká ní puli ẹ́ńjìnnì fẹ̀ ní íǹṣì 12, tí ti ròlà sì jẹ́ íǹṣì 6, ohun tí a ó rí ni pé:

650 × 12 = 1300 × 6

Ròlà yóò máa yí nígbà 1300 ní ìṣẹ́jú kan. Ká wí pé eré tí ó yẹ ẹ́ gan-an nìyẹn. Lọ́jọ́ kan, Lísítà kú, wọ́n sì ra ẹ́ńjìnnì Ṣáínà láti fi rọ́pò rẹ̀. Àwo tí ó wà lára tuntun yìí kò kọ RPM. Ohun tí ó kọ ni 2200 r/min. Bí puli bá wà bí ó ti wà, 2200 ni a ó fi sọ 12 di púpọ̀, tí a ó sì fi 6 pín in. 4400 ni yóò jáde. Ròlà tí wọ́n ṣe fún 1300 yóò wá máa sáré ju ìlọ́po 3 lọ. Bẹ́ẹ̀, agbára tí ń fẹ́ já páànù kúrò lára ohun tí ń yí kì í pọ̀ sí i ní ìwọ̀n kan náà pẹ̀lú eré. Bí eré bá di ìlọ́po 2, agbára náà a di ìlọ́po 4. Ní ti wa yìí, yóò ju ìlọ́po 11 lọ. Kí wọ́n tó da ẹ̀gẹ́ kan sí i, ilé ẹ̀rọ yóò ti máa gbọ̀n, bẹ́líìtì yóò ti máa rùn bíi rọ́bà tó ń jóná, béárìn yóò ti gbóná débi tí ọwọ́ kò ní lè gbà á. Bí wọn kò bá tètè pa á, páànù lè fò yọ. Àwọn tó sábà máa ń dúró níwájú rẹ̀ ni àwọn obìnrin tó gbé ẹ̀gẹ́ wá, àwọn ọmọ mìíràn a sì tún wà lẹ́yìn wọn.

Àtúnṣe rẹ̀ kò le. Kí wọ́n fi puli oníǹṣì 6 sára ẹ́ńjìnnì, kí wọ́n sì fi oníǹṣì 10 sára ròlà, yóò di 1320, ó sì bára mu. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí yóò ṣe ìṣirò náà bí kò bá mọ̀ pé RPM orí àwo àtijọ́ àti r/min orí àwo tuntun, ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n ń sọ. Ibí yìí ni ìhà méjèèjì tí mo dárúkọ ti já ẹni tó ni ẹ̀rọ kulẹ̀. Ẹni tó ní kí a fi RPM sílẹ̀ láìtúmọ̀ ti fún un ní àmì tí ó lè fojú rí, ṣùgbọ́n kò fún un ní ìtumọ̀, nítorí náà kò lè dá a mọ̀ nígbà tí ó bá pààrọ̀ aṣọ. Ẹni tó sọ ọ́ di ÌNÌK ti fún un ní ìtumọ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó sì gba àmì lọ́wọ́ rẹ̀. Ìkíní fi í sílẹ̀ ní ojú láìní òye, èkejì fi í sílẹ̀ ní òye láìní ojú.

A tilẹ̀ lè rìn jìnnà ju bẹ́ẹ̀ lọ. Yorùbá kò parí sí ààlà Nàìjíríà. Ní Kétu, ní Pọ́bẹ̀, ní Ṣábẹ̀ẹ́, ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀, Faransé ni èdè ìjọba, ẹ̀rọ tí wọ́n bá sì kó wá láti ilẹ̀ Faransé, tr/min ni wọ́n ń kọ sí i lára. Ti Jámánì a máa kọ U/min. Àmì mẹ́rin nìyẹn, ohun kan ṣoṣo ni wọ́n dúró fún. Ìwé Yorùbá tí yóò wúlò ní Ara àti ní Kétu kò lè dúró lórí RPM nìkan. Ohun tí ó lè dúró lé ni gbólóhùn Yorùbá tó yéni, ‘ìyípo ní ìṣẹ́jú kan’, kí ó sì so àwọn àmì náà mọ́ ọn bí ẹni so ewúrẹ́ mẹ́rin mọ́ èèkàn kan. Bí èmi ni mo kọ ìwé náà, báyìí ni ǹ bá ṣe kọ ọ́: “Wo àwo irin tó wà lára ẹ́ńjìnnì. Wá nọ́ńbà tí RPM, r/min tàbí tr/min wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Nọ́ńbà náà ni ó ń sọ iye ìgbà tí ẹ́ńjìnnì ń yí ní ìṣẹ́jú kan.” Láti ibẹ̀ lọ, ibikíbi tí mo bá ti ní kí ó wo ara ẹ̀rọ, RPM ni n óò kọ, ibikíbi tí mo bá ti ń ṣàlàyé ìdí fún un, ìyípo ni n óò kọ. Ojú ní tirẹ̀, òye ní tirẹ̀.

Ẹ má ṣe jẹ́ kí a da èyí pọ̀ mọ́ àmì òṣùwọ̀n bíi kg, kW tàbí Hz. Ìyẹn kì í ṣe ìkékúrú ọ̀rọ̀ èdè kankan mọ́. Àmì ni, bí + ti jẹ́ àmì, Faransé àti Ṣáínà sì ń kọ ọ́ bí a ti ń kọ ọ́. A lè ṣàlàyé ohun tí ó ń wọ̀n, ṣùgbọ́n a kì í yí i padà. Lẹ́tà ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì mẹ́ta ni RPM ní tirẹ̀. Ìdí nìyí tí Faransé fi lè kọ tirẹ̀ lọ́tọ̀, ìdí náà sì nìyí tí ó fi ń fẹ́ àlàyé.

Bí RPM bá fi hàn wá pé ohun kan lè ní àmì púpọ̀, PLC fi òdìkejì rẹ̀ hàn wá: àmì kan lè jẹ́ ti ohun méjì tí kò bára tan. Lẹ́tà mẹ́ta yìí wà lára àpò sìmẹ́ǹtì, ó wà lára ìgò ọtí, lẹ́yìn orúkọ ilé-iṣẹ́. Òfin àwọn ilé-iṣẹ́ ti 1990 ló sọ ọ́ di dandan ní Nàìjíríà, òfin ti 2020 tí ó rọ́pò rẹ̀ kò sì mú un kúrò. Ó ń sọ fún wa pé ará ìlú lè ra ìpín ìdókòwò nínú ilé-iṣẹ́ náà. Ṣùgbọ́n kí a wọ inú ilé-iṣẹ́ kan náà, kí a dé ìdí ẹ̀rọ tí ń rọ ọtí sínú ìgò. PLC tún wà nínú àpótí wáyà níbẹ̀. Èyí kò kan ìpín ìdókòwò rárá. Kọ̀ǹpútà kékeré kan ni, tí ń gbọ́ ìròyìn láti ẹnu àwọn ojú iná tí ń ka ìgò, tí ó sì ń pàṣẹ fún mọ́tò pé kí ó yí tàbí kí ó dúró, gẹ́gẹ́ bí àṣẹ tí wọ́n kọ sínú rẹ̀. Ògbufọ̀ tó bá fi ìwé atúmọ̀ ìkékúrú sílé, tó sì ń pààrọ̀ PLC kọ̀ọ̀kan bí ó ti bá a nínú ìwé náà, yóò kọ ọ́ lọ́jọ́ kan pé iná ti bàjẹ́ nínú ilé-iṣẹ́ onípìn-ín-ìdókòwò.

Ọ̀nà tí à ó gbà ṣe méjèèjì yàtọ̀. PLC tó wà lẹ́yìn orúkọ jẹ́ apá kan orúkọ náà lójú òfin, a kì í sì í túmọ̀ orúkọ ẹni tó ń fọwọ́ sí ìwé. Kí ó wà níbẹ̀ bí ó ti wà, láìsí àlàyé. Ṣùgbọ́n bí a bá ń sọ̀rọ̀ nípa irú ilé-iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ lápapọ̀, ara irin kò sí nínú ọ̀rọ̀ náà, nítorí náà kí a fi ọ̀rọ̀ Yorùbá rọ́pò rẹ̀ pátápátá: ilé-iṣẹ́ tí ará ìlú lè ra ìpín ìdókòwò rẹ̀. Ní ti PLC inú àpótí, a gbọ́dọ̀ tọ́jú lẹ́tà rẹ̀, nítorí pé bí ojú gíláàsì bá kọ `PLC FAULT`, ohun tí òṣìṣẹ́ yóò wá nínú ìwé rẹ̀ nìyẹn, lẹ́tà fún lẹ́tà. Kí a sì ṣàlàyé rẹ̀ nígbà àkọ́kọ́ tí ó bá yọjú. Ṣùgbọ́n kí a kíyè sí bí a ó ti ṣàlàyé. Mo ti rí ẹni tó tẹ̀ lé lẹ́tà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ́kọ̀ọ̀kan, tó sì kọ ‘aṣàkóso onírònú tí ó ṣeé ṣètò’. Ta ni yóò gbọ́ ìyẹn tí yóò mọ̀ pé àpótí iná ni wọ́n ń wí? Títú ìkékúrú palẹ̀ kò túmọ̀ sí pé kí a máa túmọ̀ lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Iṣẹ́ tí nǹkan náà ń ṣe ni kí a sọ: kọ̀ǹpútà tí ń darí ẹ̀rọ. Àwọn tó ni ọ̀rọ̀ náà gan-an kò fi lẹ́tà rẹ̀ ṣe òrìṣà. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe ẹ̀rọ yìí ní Amẹ́ríkà ní òpin àwọn ọdún 1960, PC ni àwọn kan ń ké e sí; nígbà tí kọ̀ǹpútà orí tábìlì gba orúkọ náà mọ́ wọn lọ́wọ́, PLC ni wọ́n fìdí múlẹ̀ sí, kí ẹni tí ń kà á má bàa ṣìnà. Òǹkàwé ni wọ́n wò, wọn kò wo lẹ́tà.

Àwọn ọ̀rẹ́ mi tí wọ́n ń jà fún ìkékúrú Yorùbá yóò bi mí pé, ‘Bí Faransé bá ní tr/min, kí ló dé tí Yorùbá kò fi ní ÌNÌK?’ Ìbéèrè náà kì í ṣe ti òmùgọ̀, n kò sì ní fi ẹ̀rín dá a lóhùn. A kò kùnà láti dá ìkékúrú sílẹ̀. Nínú gírámà, APOR ń dúró fún àpólà orúkọ, kò sì sí akẹ́kọ̀ọ́ wa tí ó ń ṣì í gbọ́. Àwọn ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá méjèèjì, èyí tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀ ní 1984 àti èyí tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọládélé Awóbùlúyì ṣe olóòtú rẹ̀ ní 1990, fi hàn pé èdè yìí lè gbé ẹrù ìmọ̀. Ṣùgbọ́n APOR dúró nítorí pé àwa tí a dá a sílẹ̀ ni a ni pátákó tí a ń kọ ọ́ sí. Faransé ní tr/min nítorí pé Faransé ń rọ irin, ó sì ń fín ọ̀rọ̀ sí i lára. ÌNÌK kò ní irin kankan tí ó dúró lé. Orí bébà ni a bí i sí, orí bébà náà ni yóò kú sí. Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Ìfẹ́ èdè kò gbọdọ̀ dí wa lójú débi tí a kò fi ní rí ẹni tí ń fi ọwọ́ kan ẹ̀rọ náà.

Ibì kan sì wà tí mo gbà fún wọn pátápátá. Ẹ́ńjìnnì ló ti òkèèrè wá, ṣùgbọ́n àpótí àti ròlà tí ń lọ ẹ̀gẹ́, àwọn alágbẹ̀dẹ àti wẹ́dà tiwa ló ń ṣe wọ́n. Ọ̀pọ̀ irú wọn kò ní àkọlé kankan lára. Ẹni tó ra á kò mọ eré tí ó yẹ kí ó sá. Ẹnu ẹni tó ṣe é nìkan ni ìmọ̀ náà wà. Níbẹ̀, kò sí RPM tí ojú ẹnikẹ́ni yóò bá pàdé, kò sì sí ìdí kan tí ìwé wa yóò fi gbé e wọlé. Kí a kọ ọ́ ní Yorùbá gbalaja: “Ròlà yìí kò gbọdọ̀ yí ju ìgbà 1300 lọ ní ìṣẹ́jú kan.” Kí a sì rọ wẹ́dà náà kí ó fi ìṣó fín in sára páànù. Bí ó bá rí i pé ó gùn jù, kí òun fúnra rẹ̀ ké e kúrú bí ó bá ti wù ú. Ìkékúrú tí ó bá ti ọwọ́ rẹ̀ jáde, èmi yóò kọ ọ́ sínú ìwé mi láìjanpata, nítorí pé yóò ti wà lára irin.

Ahọ́n ará ìlú pẹ̀lú ní àṣẹ tirẹ̀. Ní 1972 ni ìjọba dá iléeṣẹ́ mọ̀nàmọ́ná tí a ń pè ní Nẹ́pà sílẹ̀. Wọ́n yí orúkọ rẹ̀ padà ní 2005, wọ́n sì ta ọ̀pọ̀ ẹ̀ka rẹ̀ fún àwọn aládàáni ní 2013, síbẹ̀ ‘Nẹ́pà ti mú iná lọ’ ni à ń wí títí di òní. Ìkékúrú ni tẹ́lẹ̀. Ó ti di ọ̀rọ̀ orúkọ, ó gba àmì ohùn, kò sì sí ẹni tí ń bèèrè ohun tí lẹ́tà rẹ̀ dúró fún. Irú èyí, kí a kọ ọ́ bí a ti ń pè é, kí a má sì wulẹ̀ tú u palẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹnu ọjà ló ń ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Kò sí ìgbìmọ̀ kan tí ó lè pàṣẹ rẹ̀ láti inú yàrá ìpàdé.

Nítorí náà, ẹ̀bẹ̀ mi sí àwọn ẹlẹgbẹ́ mi kò pọ̀. Kí ẹ tó jókòó ti ìwé ẹ̀rọ èyíkéyìí, ẹ kọ́kọ́ lọ wo ẹ̀rọ náà. Ẹ da gbogbo lẹ́tà tí ẹ bá bá lára rẹ̀ kọ sínú bébà kan, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti fín wọn, ẹ má ṣe fi ọ̀kan sílẹ̀. Ẹ bèèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń lò ó ohun tí òun ń pe ọ̀kọ̀ọ̀kan. Èyí tó wà lára irin, ẹ tọ́jú rẹ̀, kí ẹ sì là á yé e. Èyí tí kò sí lára irin, ẹ fi Yorùbá rọ́pò rẹ̀. Èyí tí ẹnu ti gbé mì, ẹ kọ ọ́ bí ẹnu ti ń pè é. Ẹni tó bá ṣe ìtumọ̀ tirẹ̀ láìkúrò lórí àga, kí ó má ṣe sọ fún mi pé èdè Yorùbá ni òun ń gbèjà.